Nígbà tí ẹ bá máa pẹ́ dé ìpàdé oníbàárà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àtẹ̀jíṣẹ́ àforíjì àti aago tuntun

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà?

Nǹkan mẹ́rin ni: àforíjì, pé ẹ ò ní lè dé lásìkò, aago tí ẹ máa dé, àti ohun tí oníbàárà lè ṣe títí ẹ ó fi dé. Ìdí tó fà á lè wọ inú rẹ̀, àmọ́ gbólóhùn kúkúrú kan ti tó fún un. Bí àpẹẹrẹ:

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní lè dé ní aago 10:00. Aago 10:25 ni màá wà nínú yàrá ìpàdé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló dí ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ kí á sún un sí ọ̀sán, ẹ sọ fún mi, mo wà nílẹ̀ láti aago 2:00."

Nínú gbogbo rẹ̀, aago tuntun ni oníbàárà máa lò. Òun ló máa fi mọ̀ bóyá kí òun padà sídìí iṣẹ́, kí òun pe ẹlòmíì, tàbí kí òun sọ fún àwọn tó ti jókòó pé kí wọ́n sinmi díẹ̀. Bí àforíjì bá dùn tó, tí kò sí aago nínú rẹ̀, inú òkùnkùn lẹ fi í sí.

Ìgbà wo ló yẹ kí n fi ránṣẹ́?

Lójú ẹsẹ̀ tí ìṣirò yín bá ti fi hàn pé ẹ ò ní bá aago ìpàdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń mọ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, wọ́n kàn ń retí pé ọ̀nà á là ni. Ìrètí yẹn ló ń jẹ àkókò oníbàárà.

Ẹ gbìyànjú kó dé ọwọ́ rẹ̀ ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìpàdé. Nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà nídìí tábìlì rẹ̀, kó lè bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti pa kọ̀ǹpútà dé, ó ti ń rìn lọ sí yàrá ìpàdé, bóyá ó sì ti fi fóònù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ tó wá kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni màá fi pẹ́. Ṣé ó tó nǹkan tí à ń kọ̀wé sí?

Bó bá jẹ́ ẹyọ ènìyàn kan ni ẹ fẹ́ rí ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò pọn dandan. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn mélòó kan ti jókòó dè yín, tàbí pé ẹnìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà láti mú yín wọlé, ẹ kọ gbólóhùn kan: "Ẹ má bínú, aago 10:03 ni màá wọlé." Láti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sókè, ẹ kọ̀wé ní gbogbo ìgbà.

Kí ló dé tí "mo ti wà lọ́nà" tàbí "ó ku ogún ìṣẹ́jú" kò fi tó?

"Mo ti wà lọ́nà" kò sọ ibi tí ẹ dé, kò sì sọ ìgbà tí ẹ máa dé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé lè sọ ọ́, ẹni tó ti dé ẹnu géètì náà lè sọ ọ́. Oníbàárà tó gbọ́ ọ kò rí ohun tó lè fi ṣètò.

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú" sàn jù ú lọ, àmọ́ ó ní àbùkù tirẹ̀. Ká ní ẹ fi ránṣẹ́ ní aago 9:50, tí oníbàárà kò rí i títí di aago 10:02. Ogún ìṣẹ́jú láti ìgbà wo? Ó lè máa retí yín ní 10:22 nígbà tí ẹ̀yin ní 10:10 lọ́kàn, tàbí kó má yé e rárá. Aago 10:10 kì í yí padà, ìgbà yòówù kí wọ́n kà á. Nítorí náà, aago ni kí ẹ kọ, ẹ fi iye ìṣẹ́jú sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò aago tuntun tí kò ní já mi kulẹ̀?

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wo máàpù orí fóònù, wọ́n á mú aago tó wà níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aago orí máàpù jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Ìgbà tí ẹ máa jókòó níwájú oníbàárà kọ́ nìyẹn, èkejì yìí ni oníbàárà sì ń retí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀. Ìpàdé jẹ́ aago 10:00. Aago ti lu 9:32, máàpù ní 10:06 ni ọkọ̀ yín máa dé. Láti ibẹ̀ dé orí àga: ìṣẹ́jú márùn-ún láti wá ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí, mẹ́rin láti kọ orúkọ sínú ìwé àlejò lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, mẹ́ta fún lífítì àti ìrìn. Ìṣẹ́jú méjìlá nìyẹn, ó ti di 10:18. Ìrìn tó kù lójú ọ̀nà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àmọ́ máàpù lè yí ọkàn padà bí ọkọ̀ bá tún dúró. Ẹ fi nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un, ìyẹn ìṣẹ́jú méje. Aago 10:25 lẹ máa kọ.

Ìdá márùn-ún yẹn kì í ṣe òfin. Bí ọ̀nà bá ń lọ geerege, ó lè kéré sí i. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí, ẹ fi kún un dáadáa. Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ kò dé rí, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún mìíràn kún ti inú ilé, torí ẹ ò tíì mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé.

Ojú ń tì mí láti kọ 10:25. Ṣé kí n kọ 10:10, kí n wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀?

Rárá o. Ìyẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ ju ìpẹ́ gan-an lọ. Ẹni tó kọ 10:10, tó wá kọ 10:18, tó tún kọ 10:25, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pẹ́. Oníbàárà náà kò sì rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn lò, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e fún un, ó wà níbẹ̀ tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó kọ 10:25 lẹ́ẹ̀kan tó wọlé ní 10:22 pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Àmọ́ ẹ má fi ìbẹ̀rù kọ 10:45. Oníbàárà á wọ inú nǹkan mìíràn, ẹ̀yin náà á dé ní 10:22, ẹ ó jókòó síbi ìgbàlejò, ìpàdé á pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún lórí ohun tí kò nídìí.

Ṣé ìpè ló dára jù ni, àbí àtẹ̀jíṣẹ́, àbí ímeèlì?

Ẹ wo ohun tí oníbàárà ní lọ́wọ́ lásìkò yẹn. Bí ìpàdé bá ku ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tó sì jẹ́ pé ímeèlì lẹ fi ń bára yín sọ̀rọ̀, ímeèlì dára. Ẹ kọ aago tuntun sórí àkọlé rẹ̀: "Ìpàdé aago 10:00: aago 10:25 ni màá dé." Bó bá ti wọlé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ló yá. Bó bá ti wọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí aago náà lè wà níbi tó ti lè tún un wò.

Ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń yọ sójú fóònù tí wọn ò tíì ṣí. Bí ìkíni àti àlàyé bá gba gbogbo ìlà náà, aago á wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé. Ẹ kí i ní ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, kí aago tẹ̀lé e kíákíá.

Lórí Wásáàpù, ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Àmì ẹyọ kan fi hàn pé ó kúrò lọ́wọ́ yín, kò tíì dé orí fóònù rẹ̀. Méjì tó ní àwọ̀ eérú fi hàn pé ó ti dé. Méjì aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ó ti kà á, àmọ́ ẹlòmíì ti pa ti búlúù, nítorí náà kí ẹ má rí búlúù kò túmọ̀ sí pé kò kà á. Bó bá wà lórí ẹyọ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí dátà rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Ẹ pè é, tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́, èyí tí kò nílò dátà.

Èmi fúnra mi ni mò ń wa ọkọ̀. Báwo ni màá ṣe kọ ọ́?

Ẹ má kọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ má sì kọ ọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kọlu ọkọ̀ iwájú. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ dúró, ẹ kọ ọ́, ẹ ka aago tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà, ẹ fi kún ìṣirò yín. Bí ẹnìkan bá jókòó tì yín, ẹ pe ọ̀rọ̀ náà fún un kó kọ ọ́. Tàbí kí ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín ní ọ́fíìsì kí ẹ tó gbéra, kí òun bá yín kọ̀wé sí oníbàárà bí ó bá di dandan.

Ta ni kí n kọ ọ́ sí gan-an?

Ẹni tó máa wà nínú yàrá náà. Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an pé wọ́n á kọ̀wé sí ẹni tó ṣètò ìpàdé, onítọ̀hún á sì wà ní ọ́fíìsì mìíràn, nígbà tí àwọn mẹ́ta tó jókòó kò gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà ẹni tó ga jù lára wọn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí, kí ẹ wá fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣètò. Bí ẹgbẹ́ Wásáàpù bá wà fún iṣẹ́ náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, àmọ́ ẹ pe ẹnìkan pẹ̀lú, torí ohun tí gbogbo ènìyàn rí lórí ẹgbẹ́, oníkálukú lè rò pé ẹlòmíì ti dáhùn.

Ṣé dandan ni kí n sọ ìdí? Bí ìdí náà kò bá sì dára létí ńkọ́?

Kò pọn dandan. Bí ẹ bá sọ ọ́, kó jẹ́ òtítọ́, kó sì mọ ní gbólóhùn kan. Irọ́ kékeré lórí ọ̀nà kì í pẹ́ tú, oníbàárà lè ti gba ọ̀nà yẹn kan náà kọjá láàárọ̀.

Ìdí kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: "ìpàdé tí mo ní pẹ̀lú oníbàárà mìíràn ló gùn." Òtítọ́ ni, àmọ́ ohun tó ń sọ fún ẹni tó ń kà á ni pé ẹlòmíì ṣe pàtàkì jù ú lọ, ó sì tún tú àṣírí pé ẹ ní ìpàdé níbòmíràn. Ẹ kọ "iṣẹ́ tí mo wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gùn ju bí mo ṣe rò lọ." Bó bá jẹ́ pé ẹ sùn kọjá àkókò, tàbí pé ẹ ṣi aago kà, ẹ sọ pé "àṣìṣe mi ni, mi ò tètè gbéra." Ó mọ́ ju àlàyé gígùn lọ.

Báwo ni àforíjì náà ṣe yẹ kó rí kó má bàa di ẹ̀bẹ̀ àṣejù?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" lẹ́ẹ̀kan ti tó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fún ẹni tí ìwé kíkọ láàárín yín jẹ́ ti ọ́fíìsì, "mo tọrọ àforíjì" bá a mu. "Mo dọ̀bálẹ̀" tàbí "ẹ fojú àánú wò mí" ti wúwo jù fún ọ̀rọ̀ aago, ó sì ń fi dandan mú oníbàárà láti bẹ̀rẹ̀ sí tù yín nínú.

Ẹ yàgò fún "bó bá bí yín nínú, ẹ má bínú." "Bó bá" yẹn ń ṣe bí ẹni pé ìpẹ́ náà lè má jẹ́ nǹkan kan. Ẹ yàgò pẹ̀lú fún "ẹ ṣé fún sùúrù yín" nínú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, kò tíì ní sùúrù kankan fún yín nígbà náà. Ìgbà tí ẹ bá jókòó tán ni ọpẹ́ yẹn tọ́ sí i.

Ṣé aago tí ìpàdé máa parí náà yí padà?

Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ìpàdé wákàtí kan láti aago 10:00 tó bẹ̀rẹ̀ ní 10:25 ku ìṣẹ́jú márùndínlógójì bí oníbàárà bá ní ohun mìíràn ní 11:00. Ẹ má rò pé ó máa fi kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́: "A ó ṣì parí ní aago 11:00. Iye owó àti ọjọ́ ìparí iṣẹ́ ni kí á mú, màá kọ ìyókù ránṣẹ́ sí yín lónìí."

Ẹ rí i pé ẹ ti yan ohun tó ṣe pàtàkì kí ẹ tó wọlé. Èyí tí oníbàárà gbọ́dọ̀ pinnu lé lórí ló ń ṣíwájú. Ìròyìn nípa ohun tí ẹ ti ṣe ṣeé kà lẹ́yìn náà.

Ẹlẹgbẹ́ mi ti wà níbẹ̀. Ṣé mo ṣì nílò láti kọ̀wé?

Bẹ́ẹ̀ ni, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: ẹni tó jẹ́, ohun tó lè bẹ̀rẹ̀, àti apá tó máa dúró dè yín. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹlẹgbẹ́ náà. Bí oníbàárà bá gbọ́ pé "ó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò owó" nígbà tí ẹlẹgbẹ́ yín kò ní ìwé ìṣirò lọ́wọ́, ẹ ti kó àwọn méjèèjì sí ìtìjú.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìpàdé náà, oníbàárà sì wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Aago ta ni kí n kọ?

Aago oníbàárà, kí ẹ sọ pé tirẹ̀ ni: "aago 14:55 lọ́dọ̀ yín." Ẹ má rò pé wákàtí nìkan ló ń yàtọ̀, tí ìṣẹ́jú kì í yí. Íńdíà fi wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń wọn tiwọn. Bí ẹ̀yin bá wà níbi tí aago jẹ́ UTC+1, 10:25 yín jẹ́ 14:55 lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá kọ "màá wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá" nìkan ti fi í sínú ìdàrúdàpọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dá ìpàdé sórí kàlẹ́ńdà, ẹ má sún aago rẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé wọ́n ti gbà. Bí ẹ bá yí i, ìfitónilétí lè lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ẹ pè, ẹlòmíì lára wọn á sì rí i pé ó ti kọlu ìpàdé mìíràn tó ní. Ẹ kọ̀wé ná, kí ẹ yí i tí wọ́n bá dáhùn.

Mo fi aago tó ṣì ránṣẹ́. Ṣé kí n tún un ṣe?

Wásáàpù gbà kí á tún ọ̀rọ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ ẹni tó ti kà á tẹ́lẹ̀ lè má tún wò ó mọ́. Ẹ kọ tuntun: "Ẹ má bínú, mo ṣi aago kọ. 10:25 ni, kì í ṣe 10:15."

Mo ti kọ 10:25, ó sì ti hàn pé mi ò ní bá a. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ̀wé kí 10:25 tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má kàn sọ aago mìíràn, ẹ fún oníbàárà ní yíyàn méjì tó dájú: "Mi ò ní lè dé kí 10:45 tó lù. Ṣé kí á sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní 10:30, àbí kí n wá lọ́la ní aago 9:00?" Yíyàn mẹ́rin máa ń fa ìjíròrò gígùn, méjì rọrùn láti dáhùn. Bí ẹ bá yan ìpè, ẹ rí i pé ọkọ̀ yín ti dúró síbi tí ariwo kò pọ̀ kí aago náà tó lù.

Oníbàárà kò dáhùn. Ṣé kí n máa lọ?

Ẹ máa lọ, kí ẹ sì pè é lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá gbé e, ẹ pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ ní kí ẹni tó wà níbi ìgbàlejò bá yín jẹ́ iṣẹ́ náà fún un nínú yàrá, kí ẹ pe aago náà fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpè mẹ́rin léra wọn kò dára. Ó lè wà níwájú àwọn ènìyàn, kí fóònù rẹ̀ máa gbọ̀n lórí tábìlì.

Aago ìpàdé ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan. Ṣé ó ti bọ́?

Ẹ pè é lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi méjèèjì: "Ẹ má bínú, mo pẹ́, mi ò sì sọ fún yín lásìkò." Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá ó ṣì fẹ́ kí ẹ wá, kí ẹ tó sọ aago kankan, torí ó lè ti tú ìpàdé náà ká. Bó bá ní kí ẹ wá, ẹ ṣírò bó ṣe wà lókè, ẹ sọ aago kan, ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ tí ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀ tán. Bó bá ní kí á fi sílẹ̀, ẹ má ṣàlàyé. Ẹ dá ọjọ́ méjì, kí aago wọn wà níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì so ìwé tí ẹ bá fẹ́ mú wá mọ́ ọn, kó lè kà á kí ẹ tó tún pàdé.